Ìwọ̀n kálórì àti dídín ìwọ̀n ara kù fún abiyamọ tó ń fún ọmọ lọ́mú

Ìwọ̀n kálórì tí abiyamọ tó ń fún ọmọ lọ́mú nílò ni àpapọ̀ agbára tí ara rẹ̀ ń lò láàárín ọjọ́ kan láti mí, láti mú ara gbóná, láti ṣe iṣẹ́ òòjọ́ àti láti pèsè wàrà ọmú. Nígbà tí ọmọ kò bá tíì máa jẹ ohun mìíràn lẹ́yìn ọmú, àpapọ̀ yìí máa ń fi nǹkan bíi 600 kálórì ju ti obìnrin mìíràn tó ní ìwọ̀n ara àti iṣẹ́ kan náà lọ. Kálórì tí à ń sọ níhìn-ín ni èyí tí àwọn ilé-iṣẹ́ ń kọ sára páálí oúnjẹ, tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ń pè ní kìlókálórì.

Abiyamọ tó bá fẹ́ dín ìwọ̀n ara tí oyún fi sílẹ̀ kù gbọ́dọ̀ máa jẹ oúnjẹ tí kálórì rẹ̀ kéré díẹ̀ sí èyí tí ara rẹ̀ ń lò. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín méjèèjì ni a ó máa pè ní àlàfo nínú àyọkà yìí, ọ̀rá ara ni ó sì máa ń dí i. Ohun tó yẹ kí á mọ̀ ni bí àlàfo náà ṣe lè fẹ̀ tó kí wàrà má bàa dín kù, àti ibi tí ó yẹ kó ti wá: ṣé láti inú oúnjẹ ni, tàbí láti inú eré ìdárayá? Ìdáhùn tí ìwádìí fún wa yàtọ̀ sí ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn rò.

Àlàyé yìí wà fún abiyamọ tí ara rẹ̀ yá, tó bí ọmọ kan ṣoṣo tí oṣù rẹ̀ pé, tó sì ti lé ní ọ̀sẹ̀ 6 tó ti bímọ. Ti ìyá ìbejì yàtọ̀, nítorí pé wàrà tó ń pèsè lè fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì, ọ̀rọ̀ yìí kì í sì í ṣe kékeré nílẹ̀ Yorùbá, níbi tí ìbejì ti wọ́pọ̀ ju ti ọ̀pọ̀ ibòmíràn láyé lọ. Ẹni tó ti rù kí ó tó lóyún kò gbọdọ̀ dín ohunkóhun kù.

## Ohun tí wàrà ọmú ń gbà lára

Mìlílítà 100 wàrà ọmú ní nǹkan bíi 67 kálórì nínú. Ọmọ tí wọ́n ń fún ní ọmú nìkan máa ń mu nǹkan bíi mìlílítà 750 lójúmọ́ láti ìparí oṣù kìn-ín-ní títí di oṣù kẹfà. Ìpíndọ́gba lásán ni iye yìí, nítorí àwọn ọmọ kan wà tí 500 ń tó, àwọn mìíràn sì ń mu ju 1,000 lọ. Bí a bá gba 750, agbára tó ń bọ́ sínú ọmọ jẹ́ nǹkan bíi 500 kálórì lóòjọ́.

Àmọ́ ara ìyá ń ná ju èyí lọ. Bí ẹni tó ń fún epo kò ṣe lè rí gbogbo epo inú ẹyìn gbà, bẹ́ẹ̀ ni ara kò lè sọ gbogbo agbára oúnjẹ di wàrà: nínú 100 kálórì tó bá lò fún iṣẹ́ náà, nǹkan bíi 80 ni ó ń dé inú wàrà. Nítorí náà, kí 500 tó lè dé inú ọmú, ara ìyá gbọ́dọ̀ ná nǹkan bíi 630.

Kì í ṣe oúnjẹ òòjọ́ nìkan ni ìyá fi ń san 630 yìí. Nígbà oyún, ara obìnrin máa ń fi ọ̀rá pamọ́, pàápàá sí ìbàdí àti itan, de àkókò ìfọ́mọlọ́mú. Ìgbìmọ̀ àwọn onímọ̀ tí Àjọ Oúnjẹ àti Iṣẹ́ Ọ̀gbìn Àgbáyé, Àjọ Ìlera Àgbáyé àti Yunifásítì Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé pè jọ ní ọdún 2001, tí wọ́n tẹ ìròyìn wọn jáde ní 2004, ṣírò pé wàrà ń gba 675 kálórì lóòjọ́ ní oṣù 6 àkọ́kọ́, pé 170 nínú rẹ̀ lè wá láti inú ọ̀rá tí oyún fi pamọ́, àti pé 505 ni ó yẹ kí ìyá fi kún oúnjẹ rẹ̀. Fún ìyá tí kò rí oúnjẹ jẹ dáadáa nígbà oyún, wọ́n ní kò sí ọ̀rá kankan láti yọ, kí ó fi gbogbo 675 náà kún un.

Ibí yìí ni àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù lọ ti ń wáyé. Abiyamọ kan á kà á níbì kan pé kí òun fi 500 kún oúnjẹ òun, á tún kà á níbòmíràn pé ẹni tó bá fẹ́ dín ara kù yẹ kó yọ 500 kúrò, á sì pinnu pé kí òun fi 500 pa 500. Kò mọ̀ pé wọ́n ti yọ 170 kúrò kí wọ́n tó pe iye àkọ́kọ́ ní 500. Àlàfo tó dá sílẹ̀ kì í ṣe 500 mọ́, ó ti lé ní 650. Ẹni tó bá fẹ́ ṣírò tirẹ̀ dáadáa yẹ kó bẹ̀rẹ̀ láti orí iye tí wàrà ń ná gan-an, kí ó sì yọ àlàfo lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Láti inú 170 yìí kan náà ni a ti lè mọ ohun tí ìfọ́mọlọ́mú lásán lè ṣe. Kìlógíráàmù kan ọ̀rá ara dọ́gba pẹ̀lú nǹkan bíi 7,700 kálórì. Bí 170 bá ń jáde lójoojúmọ́ fún ọgbọ̀n ọjọ́, 5,100 ni, èyí kò tó kìlò kan. Ìdí nìyí tí abiyamọ tó ń jẹun bí ebi ṣe ń pa á fi máa ń dín kù ní ìwọ̀n ìdajì kìlò tàbí díẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ lóṣù, tí àwọn mìíràn kò sì dín kù rárá. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n máa ń sọ pé ọmú á fa gbogbo ọ̀rá náà jáde fúnra rẹ̀ kì í ṣe irọ́ pátápátá, ó kàn jẹ́ pé díẹ̀díẹ̀ ni, ebi ọmú sì lè dá a padà.

## Ohun tí ìwádìí fi hàn nípa eré ìdárayá

Ní ọdún 1994, Kathryn Dewey àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Kalifọ́níà ní ìlú Davis tẹ ìwádìí kan jáde. Wọ́n pín abiyamọ 33 tó ń fún ọmọ ní ọmú nìkan sí ọ̀nà méjì ní ọ̀sẹ̀ 6 sí 8 lẹ́yìn ìbímọ. Ọ̀wọ́ kan ń ṣe eré ìdárayá tó ń mú ọkàn lù kíkankíkan fún ìṣẹ́jú 45 lójúmọ́, ọjọ́ 5 lọ́sẹ̀, fún ọ̀sẹ̀ 12. Ọ̀wọ́ kejì kò ṣe é. Nígbà tí wọ́n wọn wàrà, iye rẹ̀ àti ohun tó wà nínú rẹ̀ kò yàtọ̀ láàárín ọ̀wọ́ méjèèjì, àwọn ọmọ sì ń dàgbà bákan náà. Ẹ̀rù tó ń ba ọ̀pọ̀ ìyá pé eré ìdárayá á gbẹ ọmú kò ní ẹsẹ̀ nílẹ̀.

Ohun kejì tí ìwádìí náà fi hàn ni àwọn ènìyàn kì í sábà rántí. Àwọn tó ṣe eré ìdárayá kò dín kù ju àwọn tí kò ṣe é lọ. Ara wọn le sí i, èémí wọn gùn sí i, ṣùgbọ́n wọ́n ń jẹun sí i tó bẹ́ẹ̀ tí oúnjẹ náà fi dí gbogbo àlàfo tí eré ìdárayá dá sílẹ̀. Wọn kò mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é. Ebi ló ń pa wọ́n.

Ọdún 2000 ni Cheryl Lovelady àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Kàròláínà Àríwá ní Amẹ́ríkà tẹ èyí tó parí ọ̀rọ̀ náà jáde. Àwọn abiyamọ 40 tí wọ́n sanra ju bó ṣe yẹ lọ ni wọ́n mú, láti ọ̀sẹ̀ kẹrin lẹ́yìn ìbímọ. Ìdajì wọn yọ 500 kálórì kúrò nínú oúnjẹ òòjọ́ wọn, wọ́n sì ń ṣe eré ìdárayá fún ìṣẹ́jú 45 lẹ́ẹ̀mẹ́rin lọ́sẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 10, wọ́n ti dín kù ní ìpíndọ́gba kìlò 4.8, nígbà tí àwọn yòókù dín kù ní kìlò 0.8. Kò sí ìyàtọ̀ nínú bí àwọn ọmọ ṣe sanra àti bí wọ́n ṣe ga sí i. Láti inú ìwádìí yìí ni ìmọ̀ràn tó gbilẹ̀ ti wá pé ìdajì kìlò lọ́sẹ̀ kò léwu fún abiyamọ tó sanra tí wàrà rẹ̀ ti fìdí múlẹ̀.

Kí wá ni eré ìdárayá wúlò fún bí oúnjẹ bá ni ó ń ṣe iṣẹ́ náà? Ìwádìí kékeré kan tí Megan McCrory àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀ jáde ní 1999 dáhùn rẹ̀. Wọ́n fi oúnjẹ nìkan dá àlàfo sílẹ̀ fún àwọn abiyamọ kan fún ọjọ́ 11, wọ́n sì fi oúnjẹ pẹ̀lú eré ìdárayá dá a sílẹ̀ fún àwọn mìíràn. Àwọn méjèèjì dín kù, ṣùgbọ́n nínú àwọn tí kò ṣe eré ìdárayá, apá kan ohun tó dín kù jẹ́ iṣan. Ọ̀rá ni ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo ti àwọn tó ṣe é. Ó tún hàn pé ómóònù pírólákítìn, èyí tó ń mú kí ọmú pèsè wàrà, lọ sókè nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn tó wà nínú àlàfo. Ó jọ pé ara ń dáàbò bo wàrà ọmọ kí ó tó ronú kan ìyá.

## Àpẹẹrẹ ìṣirò kan

Ẹ jẹ́ kí a mú abiyamọ kan ní Ìbàdàn ṣe àpẹẹrẹ. Ọmọ ọgbọ̀n ọdún ni, ó ga ní sẹ̀ǹtímítà 163, ó sì wọn kìlò 70 kí ó tó lóyún. Ọmọ rẹ̀ ti pé oṣù 4, ọmú nìkan ni ó ń mu. Òun fúnra rẹ̀ ṣì wọn kìlò 78, ìwọ̀n náà kò sì yí padà láti nǹkan bí oṣù kan sẹ́yìn.

Ohun àkọ́kọ́ ni agbára tí ara rẹ̀ ń lò bí ó bá tilẹ̀ sùn sílẹ̀ látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Àwọn onímọ̀ nípa oúnjẹ máa ń lo ìlànà yìí fún obìnrin:

10 × ìwọ̀n ara (kìlò) + 6.25 × gíga (sẹ̀ǹtímítà) − 5 × ọjọ́ orí (ọdún) − 161

Fún abiyamọ yìí, ó jẹ́ 780 + 1,019 − 150 − 161, èyí tó jẹ́ nǹkan bíi 1,490. Iṣẹ́ ilé, gbígbé ọmọ àti ìrìn díẹ̀díẹ̀ máa ń sọ ọ́ di ìlọ́po 1.4, ìyẹn nǹkan bíi 2,090. Bí a bá fi 630 ti wàrà kún un, ó di 2,720. Níwọ̀n ìgbà tí ìwọ̀n ara rẹ̀ kò yí padà, a lè gbà pé iye tó ń jẹ lójúmọ́ nìyẹn pẹ̀lú, yálà ó ń ka kálórì tàbí kò kà á.

Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí rìn kánkán fún ìṣẹ́jú 45, ọjọ́ 4 lọ́sẹ̀. Bí a bá yọ ohun tí ara rẹ̀ ì bá ti lò bó bá jókòó, ìrìn kọ̀ọ̀kan ń ná an ní nǹkan bíi 150 kálórì. Èyí jẹ́ 600 lọ́sẹ̀, bí a bá sì pín in sí ọjọ́ méje, kò ju 85 lọ lójúmọ́. Àpapọ̀ rẹ̀ di nǹkan bíi 2,800. Ènìyàn lè rí i níhìn-ín ìdí tí àwọn abiyamọ inú ìwádìí 1994 kò fi dín kù: ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ kan tí ó jẹ bó ṣe wọlé dé lè ju gbogbo ohun tí ìrìn náà ná lọ.

Bí ó bá wá ń jẹ 2,400, àlàfo rẹ̀ jẹ́ 400 lójúmọ́, 2,800 lọ́sẹ̀. Pín in pẹ̀lú 7,700, wàá rí i pé ó lé díẹ̀ ní ìdá mẹ́ta kìlò kan lọ́sẹ̀, tàbí kìlò kan àtààbọ̀ lóṣù. Kìlò 8 tó kù yóò gbà á ju oṣù 5 lọ, bóyá oṣù 7, nítorí pé ara tó ń fúyẹ́ sí i ń ná kálórì díẹ̀ sí i, àwọn ọ̀sẹ̀ kan á sì wà tí ọmọ kò ní jẹ́ kí ó sùn, tí ìrìn kò ní ṣeé ṣe. Oyún gba oṣù 9 kó tó kó ìwọ̀n náà jọ.

Níbo ni 320 tó yẹ kó yọ kúrò nínú oúnjẹ yóò ti wá? Kò pọn dandan kí ó ka gbogbo òkèlè. Síbí ìjẹun ńlá kan epo pupa tàbí òróró ní nǹkan bíi 120 kálórì, nítorí gíráàmù kan ọ̀rá ń fúnni ní 9. Ìgò móòtù kan tó jẹ́ mìlílítà 330 sì sábà máa ń ní 150 sí 200 nínú, ṣúgà ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Àwọn tó ń tọ́jú abiyamọ máa ń fún un ní móòtù lójoojúmọ́ kí ọmú lè yọ̀, ṣùgbọ́n ìgbà tí ọmọ ń fa ọmú àti bí ó ṣe ń fà á tán ni ó ń mú wàrà wá, kì í ṣe móòtù. Bí abiyamọ inú àpẹẹrẹ wa bá fi omi rọ́pò ìgò móòtù kan, tí ó sì yọ síbí epo kan kúrò nínú ọbẹ̀ tí ó ń bù fún ara rẹ̀, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ rí gbogbo rẹ̀ láìdín òkèlè, ẹ̀wà tàbí ẹja kù.

Ohun tí a kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn ni ẹyin, ẹja, ẹran, ẹ̀wà, mọ́ínmọ́ín àti ẹ̀fọ́. Abiyamọ nílò nǹkan bíi gíráàmù 70 purotéènì lójúmọ́, èyí sì tún ń ràn án lọ́wọ́ kí ebi má tètè pa á. Ẹ̀kọ mímu nìkan láàárọ̀, bó ti wù kó gbóná tó, kò lè ṣe iṣẹ́ yìí. Kí á fi àkàrà tàbí mọ́ínmọ́ín jẹ ẹ́.

## Ìsàlẹ̀ tí a kò gbọdọ̀ kọjá

Bí ara bá ń dáàbò bo wàrà, ó lè dà bíi pé kò sí ohun tó burú nínú kí ìyá jẹ díẹ̀ gan-an. Ohun méjì ló sọ pé rárá.

Èkíní ni pé ààbò náà ní òpin. Nínú ìwádìí kékeré kan tí wọ́n ṣe ní àwọn ọdún 1980, àwọn abiyamọ tí oúnjẹ wọn lọ sílẹ̀ ju 1,500 kálórì lọ lójúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ kan rí i pé wàrà wọn dín kù ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ fi 1,800 ṣe ìsàlẹ̀ fún abiyamọ nítorí èyí. Ìyá kúkúrú tí kò wọn púpọ̀, tí ìṣirò rẹ̀ bá sì gbé e dé ìsàlẹ̀ 1,800, yẹ kí ó dín àlàfo rẹ̀ kù dípò kí ó dín oúnjẹ kù sí i.

Ìkejì kò hàn sí ojú. Kálórì, purotéènì àti kálísíọ́ọ̀mù inú wàrà kì í yí padà púpọ̀ bí oúnjẹ ìyá ṣe ń yí padà, nítorí pé ara ń fà wọ́n yọ láti inú iṣan àti egungun ìyá. Fítámì A, púpọ̀ nínú àwọn fítámì B, àti áyódínì kò rí bẹ́ẹ̀: bí wọ́n bá dín kù nínú oúnjẹ ìyá, wọ́n á dín kù nínú wàrà. Ọmọ lè máa mu iye tó ń mu tẹ́lẹ̀, kí ó máa tóbi sí i lórí òṣùwọ̀n, síbẹ̀ kí ohun tó ń rí gbà máà pé. Bí oúnjẹ bá ṣe kéré tó ni ó ṣe ṣòro tó láti rí gbogbo wọn nínú rẹ̀, pàápàá fún ẹni tí kì í jẹ ẹran, ẹja àti ẹyin, tí fítámì B12 rẹ̀ lè tètè tán.

## Ìpadàbọ̀ sí eré ìdárayá

Lẹ́yìn ìbímọ tí kò mú ìṣòro wá, ìyá lè bẹ̀rẹ̀ sí rìn díẹ̀díẹ̀ láàárín ọjọ́ mélòó kan, bí ara rẹ̀ bá ṣe gbà á. Dídín oúnjẹ kù ni kò yẹ kó yá bẹ́ẹ̀. Kí ó dúró títí wàrà yóò fi fìdí múlẹ̀ àti títí di àyẹ̀wò ọ̀sẹ̀ kẹfà. Ẹni tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún kó tó bímọ kò gbọdọ̀ gbé ohun tó wúwo títí ojú ọgbẹ́ inú àti ti òde yóò fi jiná, èyí tó sábà máa ń gba ọ̀sẹ̀ 6 sí 8.

Sáré sísá yàtọ̀ sí ìrìn. Àwọn iṣan tó tẹ́ pẹrẹsẹ ní ìsàlẹ̀ ìbàdí, tí wọ́n gbé ilé ọmọ àti àpò ìtọ̀ ró, ni oyún àti ìrọbí fà gùn jù lọ. Ìlànà tí àwọn onímọ̀ físíò gbé jáde ní Bìrìtéènì ní 2019 ní kí abiyamọ dúró títí di ọ̀sẹ̀ 12, ó kéré tán, kí ó tó padà sí sáré sísá. Bí ìtọ̀ bá ń jò nígbà tó ń fò tàbí tó ń wúkọ́, tàbí bí ó bá ń nímọ̀lára pé nǹkan wúwo ń já bọ̀ lójú ara, ọ̀sẹ̀ 12 kò tíì tó fún un. Kí ó padà sí ìrìn, kí ó sì lọ rí onímọ̀ físíò tàbí dókítà. Ọ̀já tí wọ́n fi ń di ikùn lè mú kí ara fúyẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ṣùgbọ́n kì í jó ọ̀rá, bí wọ́n bá sì dì í le jù, ó lè ti àwọn iṣan yìí sísàlẹ̀.

Àjọ Ìlera Àgbáyé, nínú ìlànà rẹ̀ ti 2020, dámọ̀ràn ìṣẹ́jú 150 lọ́sẹ̀ fún obìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, ní ìwọ̀n tí kò le jù. Ìwọ̀n náà ni èyí tí ènìyàn ṣì lè sọ̀rọ̀ nígbà tó ń ṣe é, ṣùgbọ́n tí kò lè kọrin. Kò burú kí ọmọ tí ọrùn rẹ̀ ti le wà lẹ́yìn ìyá nígbà ìrìn, bí ẹ̀yìn kò bá dun ìyá. Ẹrù ọmọ náà ń fi díẹ̀ kún agbára tí ìrìn ń ná.

Kí ìyá fún ọmọ lọ́mú kí ó tó jáde. Èyí kì í ṣe nítorí pé eré ìdárayá ń ba wàrà jẹ́, bí kò ṣe nítorí pé ọmú tó kún máa ń dunni, kọ́sẹ́ẹ̀tì tó fún ọmú tó kún pọ̀ sì lè dí ojú ọ̀nà wàrà, kí ó wú kí ó sì di ibà. Ìgbàgbọ́ pé wàrà máa ń kan lẹ́yìn eré ìdárayá ti inú àwọn ìwádìí kan wá tó rí i pé ásíìdì látíìkì ń pọ̀ sí i díẹ̀ nínú wàrà bí ìyá bá sáré títí ó fi rẹ̀ ẹ́ pátápátá. Nínú ìrìn àti eré ìdárayá lásán, kì í pọ̀ débi kan, àwọn ìwádìí tó tẹ̀ lé e sì rí i pé àwọn ọmọ ń mu wàrà náà bí wọ́n ṣe ń mu ú tẹ́lẹ̀.

## Bí a ṣe lè mọ̀ pé àlàfo ti pọ̀ jù

Ọmọ ni a ó kọ́kọ́ wò. Ọmọ tó ń rí ọmú mu tó máa ń tọ̀ tó ìgbà 6 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ láàárín wákàtí 24, ìtọ̀ rẹ̀ kì í sì í pọ́n. Ní oṣù 3 sí 4 àkọ́kọ́, ó sábà máa ń fi gíráàmù 150 sí 200 tóbi sí i lọ́sẹ̀. Lẹ́yìn náà, ìdàgbà rẹ̀ á falẹ̀ díẹ̀, èyí kì í sì í ṣe àìsàn. Ohun tó yẹ kó báni lẹ́rù ni kí ìlà ìdàgbà rẹ̀ lórí káàdì ilé ìwòsàn tẹ́ tàbí kí ó yí sísàlẹ̀ nígbà tí ìyá ń dín oúnjẹ kù. Ẹkún àti fífẹ́ mu ọmú léraléra fún ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta kì í ṣe ẹ̀rí. Ọ̀pọ̀ ọmọ máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń dàgbà kánkán.

Lára ìyá, kí á fi òṣùwọ̀n wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, láàárọ̀, lẹ́yìn tó bá ti fún ọmọ lọ́mú. Wàrà tó wà nínú ọmú nìkan lè yí iye orí òṣùwọ̀n padà, kí ó sì já ìyá kulẹ̀ lásán. Bí ó bá dín kù ju kìlò kan lọ lọ́sẹ̀, tí èyí sì tẹ̀ léra fún ọ̀sẹ̀ méjì, kí ó fi oúnjẹ kún oúnjẹ. Bí ó bá ti ń jẹun dáadáa tí ara rẹ̀ ṣì ń jò, tí ọkàn rẹ̀ ń lù kìkì, tí ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, kì í ṣe ọ̀rọ̀ kálórì mọ́: ẹṣẹ́ táírọ́ìdì inú ọrùn lè wú láàárín ọdún kan lẹ́yìn ìbímọ, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ni ó ń fi í hàn. Irun tó ń já ní nǹkan bí oṣù 3 sí 5 kì í ṣe àmì ebi. Ìbímọ ni ó fà á, ó sì ń wáyé lára àwọn tí kò dín oúnjẹ kankan kù.

Bí wàrà bá dín kù ní tòótọ́, kí á kọ́kọ́ béèrè bóyá ọmọ ti ń fa ọmú díẹ̀ sí i ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ìyá tó padà sẹ́nu iṣẹ́, tí kò rí àyè fún wàrà jáde lọ́sàn-án, tàbí tó bẹ̀rẹ̀ sí lo oògùn ìfètò-sọ́mọ-bíbí tó ní ẹ́sítírójìn nínú, lè rí i kí wàrà dín kù láìjẹ́ pé oúnjẹ ló fà á. Bí kò bá sí èyíkéyìí nínú wọn, kí ó dá 300 kálórì padà sínú oúnjẹ rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan, kí ó sì máa fún ọmọ lọ́mú léraléra, tòru tọ̀sán. Ìrìn kò pọn dandan kí ó dúró.

## Lẹ́yìn oṣù kẹfà

Nígbà tí ọmọ bá bẹ̀rẹ̀ sí jẹ ògì àti oúnjẹ mìíràn, wàrà tó ń mu á máa dín kù. Bí ó bá lọ sí nǹkan bíi mìlílítà 500 lójúmọ́, ohun tí wàrà ń gbà lára ìyá kò ju 420 lọ mọ́, dípò 630. Abiyamọ inú àpẹẹrẹ wa, bí ó bá ṣì ń jẹ 2,400 rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ó ṣe ń jẹ ẹ́, á rí i pé àlàfo 400 ti di 190, láìyí ohunkóhun padà. Ìwọ̀n ara rẹ̀ á fẹ́rẹ̀ẹ́ dúró lójú kan, ọ̀pọ̀ ìyá ni ó sì máa ń rò nígbà náà pé ara àwọn ti ya olóríkunkun. Ó lè gbà bẹ́ẹ̀ kí ó máa dín kù pẹ̀lú ìfalẹ̀, tàbí kí ó fi ọjọ́ ìrìn méjì kún ọ̀sẹ̀ kí ó sì yọ síbí epo kan sí i.

Ìgbà tí ó bá gba ọmú lẹ́nu ọmọ pátápátá ni ó nílò ìṣọ́ra jù lọ, nítorí 420 tó kù náà á lọ láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ṣùgbọ́n ìwọ̀n tí ìyá ti mọ́ra láti máa bù sínú àwo kì í yára tẹ̀ lé e. Kí ó tún ìṣirò rẹ̀ ṣe lọ́sẹ̀ náà gan-an, pẹ̀lú ìwọ̀n ara tó ní nígbà náà àti òdo fún wàrà.